Ọjọ́ Tí Pirinsípà Tuntun Kọ́kọ́ Bá Òbí Sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí pirinsípà tuntun máa ń sọ níbi ìpàdé òbí àkọ́kọ́ kì í ju ìṣẹ́jú 15 lọ bó bá dáa. Bí kò bá dáa, ó lè gba wákàtí kan gbáko, kí àwọn ìyá tó ti ìsọ̀ pa wá máa wo aago, kí àwọn bàbá sì máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ gba fóònù. Mo ti jókòó níbi oríṣi méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ti ẹnu dídùn. Ẹni tó mọ ohun tó gbé òbí kúrò nílé ló máa ń tètè sọ̀rọ̀ tán.

Ìwé ìpè tí ọmọ mú bọ̀ láti ilé-ìwé máa ń sọ pé ìdàgbàsókè ilé-ìwé ni wọn yóò jíròrò lé lórí. Kò sí òbí tó ti ìsọ̀ pa nítorí ìdàgbàsókè. Owó ni wọ́n wá gbọ́: ṣé ọ̀gá tuntun yìí ti mú owó tuntun dé ni? Lẹ́yìn owó, ọmọ wọn ni: ṣé obìnrin yìí le jù, ṣé yóò máa nà wọ́n, ṣé olùkọ́ ìṣirò tí wọ́n gbé lọ yóò ní àrọ́pò? Ìbéèrè kan sì tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í dìde béèrè, ìyẹn ni pé báwo lobìnrin yìí yóò ti pẹ́ tó níbí.

Ìbéèrè yẹn kò ṣàdédé wà lọ́kàn wọn. Nílé-ìwé girama ìjọba, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n sábà máa ń sọ di pirinsípà. Ìlànà ìfẹ̀yìntì tí gbogbo wa bá láyé sì ni pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sinmi bó bá pé ọmọ 60 ọdún tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Lọ́dún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó sún ti olùkọ́ sí ọmọ 65 ọdún tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa gba òfin náà wọlé fún àwọn olùkọ́ tirẹ̀. Lójú òbí, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọmọ tó bá lo ọdún mẹ́fà nílé-ìwé kan lè rí pirinsípà méjì tàbí mẹ́ta kó tó ṣe Wáẹ̀kì. Àwọn òbí àgbà inú gbọ̀ngàn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ "n ó sọ ilé-ìwé yìí di àwòkọ́ṣe" lẹ́nu ẹni méjì tó ti lọ. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ẹni kẹta náà, nítorí ọmọlúàbí ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sì jọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ilé-ìwé girama ìjọba kan nígboro Ìbàdàn ni wọ́n gbé e lọ, tọkùnrin tobìnrin ló wà níbẹ̀. Olùkọ́ ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti ṣe igbákejì pirinsípà níbòmíràn. Oṣù kẹsàn-án ló wọlé, ìpàdé òbí sì di ọ̀sẹ̀ kẹta sáà àkọ́kọ́.

Kó tó di pé ó kọ ìlà kan sílẹ̀, ìwé ló kọ́kọ́ kà. Pirinsípà tó ń lọ gbọ́dọ̀ fi ìwé ìgbéṣẹ́-fúnni sílẹ̀. Iye olùkọ́ àti iṣẹ́ tí kálukú ń kọ́, iye akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, iye àga àti tábìlì, owó tó wà ní báńkì, òǹtẹ̀ àti àwọn kọ́kọ́rọ́, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ìwé kejì tó kà ni lọ́ọ̀gì-búùkù, níbi tí ọ̀gá máa ń kọ gbogbo ohun ńlá tó bá ṣẹlẹ̀ nílé-ìwé sí. Ibẹ̀ ló ti rí i pé afẹ́fẹ́ ṣí òrùlé búlọ́ọ̀kù kan lọ́dún tó kọjá, àti pé àwọn òbí dá owó láti kàn án padà. Bí kò bá ka ojú ìwé yẹn ni, ì bá dìde lọ́jọ́ ìpàdé kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba fún òrùlé náà, lójú àwọn tó ná owó ara wọn. Mo mọ ibi tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ariwo tó sọ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀.

Ìwé ìpàdé òbí tó kẹ́yìn ló fi ṣe ìkẹta. Ó wo ohun tí wọ́n fẹnu kò sí tí wọn kò tíì ṣe, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Òbí ni alága lọ́pọ̀ ibi, òun ló ń darí ìpàdé, ọ̀gá ilé-ìwé kì í ṣe onílé lọ́jọ́ yẹn bó ti wù kó rí. Alága ní kó bá òun kéde pé kí òbí kọ̀ọ̀kan mú náírà 2,000 wá fún ẹnu ọ̀nà tuntun. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin alága wa. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kí wọn." Bí kò bá rí nǹkan mìíràn ṣe dáadáa lọ́dún náà, ó ṣe ìyẹn. Ẹni tí òbí kọ́kọ́ gbọ́ owó lẹ́nu rẹ̀ ti di ọ̀gá olówó títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n gbàdúrà ní ti Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n gbà á ní ti Mùsùlùmí, wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè, èyí àtijọ́ tí wọ́n dá padà lọ́dún 2024. (Àwọn bàbá arúgbó nìkan ló mọ̀ ọ́n láìwòwé. Àwọn ọ̀dọ́ òbí ń mi ètè.) Alága sọ ọ̀rọ̀ ìkíni, ó sì pe ọ̀gá tuntun.

Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ pirinsípà ti ń ṣìnà. Wọ́n á kọ Gẹ̀ẹ́sì ojú ìwé mẹ́rin, wọ́n á kà á gbuurugbu, bí ẹni pé aṣojú kọmíṣọ́nnà ló jókòó síwájú wọn. Obìnrin tiwa yìí kúnlẹ̀ díẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní: "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ kú àfẹ̀mọ́júmọ́ ṣaájò. Ẹ kú àbọ̀ láti ọjà, ẹ kú àbọ̀ láti ibi iṣẹ́. Salamu alaekumu, ẹ̀yin Mùsùlùmí wa." Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá àwọn kan wà tí kò gbọ́ Yorùbá. Àwọn òbí Íbò mélòó kan nawọ́. Ó ní bí òun bá ti dé ibi owó tàbí ibi ọjọ́, òun yóò tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó má bàa sẹ́ni tí yóò sọ pé òun kò gbọ́. Bó ti wí náà ló ṣe.

Ó dárúkọ ara rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀. Òbí Yorùbá fẹ́ mọ ìlú ẹni, kì í ṣe nítorí àríyàntígbà ẹ̀yà, wọ́n kàn fẹ́ ibi tí wọn yóò ti dì í mú ni. Lẹ́yìn èyí, kò ka ìwé-ẹ̀rí kankan. Ohun tó sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ: "Iṣẹ́ ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ láti ìgbà tí mo ti wọṣẹ́, n kò sì tíì fi í sílẹ̀. Kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣe Wáẹ̀kì, èmi náà yóò máa wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nítorí náà ẹ má rò pé ọ́fíìsì nìkan ni n óò máa jókòó sí." Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn ju gbogbo ohun tó kù lọ. Òbí tí kò mọ ohun tí máásítà digírì jẹ́ mọ ohun tí wíwọ kíláàsì jẹ́. Ọmọ rẹ̀ ni yóò sì bá a ṣọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ ló kàn. Èyí le, nítorí àwọn igbákejì jókòó níbẹ̀, àwọn olùkọ́ tó bá ọ̀gá àná ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, òbí mìíràn sì ṣì ń lọ kí i nílé. Pirinsípà tó bá ní "nígbà tí mo dé, gbogbo ibí ti bàjẹ́" ti pín gbọ̀ngàn sí méjì kó tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Iye ni obìnrin yìí lò dípò ẹ̀sùn. Ó ní: "Ìwé tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ sọ pé àga 310 la ní. Èmi àti igbákejì mi kà á. A rí 264 tó dúró lẹ́sẹ̀, a sì rí 46 tó ti fọ́ nínú yàrá ìkẹ́rù. Nínú 46 yẹn, káfíńtà ní 30 ṣì ṣeé tún ṣe." Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bú, ó sì ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó máa ń kà nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn ló nawọ́ sí ìwé kan lórí tábìlì, ó gbé e sókè. Káàdì èsì sáà tó kọjá ni, ó ti fi bébà bo orúkọ ọmọ tó ni ín. Apá yìí ló gbà á lákòókò jù, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ó ti ṣiṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé gan-an.

Ó ní gbogbo òbí máa ń wo ipò ọmọ: ipò kẹta, ipò kejìlá, ipò àádọ́ta. Ó ní kí wọ́n fi ipò sílẹ̀ ná, kí wọ́n wo ìlà méjì kan tó sábà máa ń wà lókè káàdì. Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ iye ìgbà tí ilé-ìwé ṣí. Ìkejì ń sọ iye ìgbà tí ọmọ wá. Ìyá kan béèrè pé báwo ni ilé-ìwé ṣe ṣí ní ìgbà 112 nínú sáà kan, ṣé sáà náà tó ọjọ́ 112 ni? Ìbéèrè náà dáa gan-an, ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ ọ́n. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ ń pe rẹ́jísítà lójúmọ́, láàárọ̀ àti lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Ọmọ tó bá wà láàárọ̀, wọ́n á fa ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ kan fún un. Bó bá tún wà lọ́sàn-án, wọ́n á fa ìkejì gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò bá sí gba òdo. Ọ̀sẹ̀ 12 jẹ́ ọjọ́ 60. Yọ ọjọ́ ìsinmi mẹ́rin, ó ku 56. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 112.

"Ọmọ tó ni káàdì yìí," ó ní, "ìgbà 79 ló wá. Ó kù díẹ̀ káàtó: ìgbà 33 ni kò sí. Ìgbà 33 jẹ́ ọjọ́ 16 àti ààbọ̀. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ yìí kò fi sí nílé-ìwé. Mo pe ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ búra fún mi pé kò sí ọjọ́ kan tí òun kò fún un lówó ọkọ̀."

Gbọ̀ngàn dákẹ́, kí ariwo tó sọ. Ó dúró dè wọ́n. Ó wá sọ ohun tí rẹ́jísítà fi hàn á lẹ́yìn tó ṣí i wò. Bí òdo bá wà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ọmọ kò dé ilé-ìwé rárá. Bí ìlà bá wà láàárọ̀ tí òdo sì wà lọ́sàn-án, ó wá, ó sì fo ògiri jáde nígbà ìsinmi. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni òdo ń bọ́ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí òbí má wá olè lọ síbi tó jìnnà, ilé ni wọ́n ti rán ọmọ náà níṣẹ́, bóyá torí ọjà, bóyá torí àbúrò tí kò sẹ́ni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ti ọmọ inú káàdì yìí, òdo ọ̀sán ló pọ̀ jù, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ti ń múra ìdánwò kéékèèké.

Ó fi máàkì ọmọ náà hàn wọ́n nínú iṣẹ́ kan. Bí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti ń ṣe é, 40 ni ti ìdánwò kéékèèké, 60 ni ti ìdánwò ìparí sáà. Nílé-ìwé yìí, wọ́n pín 40 sí méjì. Ọmọ náà gba 14 nínú 20 àkọ́kọ́. Ìkejì, kò sí níbẹ̀, òdo. Nínú ìdánwò ìparí, ó gba 38. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52. Ká ní ó wà níbi ìdánwò kejì, tó sì tún gba 14 rẹ̀, 66 ni ì bá gbà. "Ọmọ yín kọ́ ni kò mọ̀wé," ó wí. "Òdo kan ló gbé e lulẹ̀, òdo ọ̀hún sì wà lórí káàdì tí ẹ ti fi sínú dúrọ́ọ̀ láti oṣù keje." Ó wá ní láti sáà yìí lọ, ọmọ tó bá gba òdo ọjọ́ mẹ́ta léra wọn, olùkọ́ kíláàsì yóò pe òbí lórí fóònù. Fún ìdí èyí, kí gbogbo wọn lọ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ wọn lẹ́yìn ìpàdé, nítorí ó ti pe nọ́ńbà mélòó kan, wọ́n ní ẹni tó ni ín ti yí i padà.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló lè ṣe irú èyí. Ó gba pé kí rẹ́jísítà jẹ́ òtítọ́. Olùkọ́ kan wà tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń jókòó fa gbogbo ìlà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: ìlà rẹ̀ máa ń mọ́ jù, yíǹkì rẹ̀ kì í yí padà láti Ajé dé Ẹtì, kò sì ní òdo kankan lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀. Bí rẹ́jísítà bá rí báyìí, ọ̀gá tó bá gbé káàdì sókè níwájú òbí kàn ń fi irọ́ dẹ́rù bà wọ́n ni. Obìnrin yìí ti wò ó kó tó gbé e jáde.

Lórí ẹgba, kò jẹ́ kó gùn. Ìyá kan ti kígbe látẹ̀yìn pé, "Ẹ bá mi na tèmi o, ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ bá mi dá sí!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ìyá tó wí báyẹn lónìí lè kó àbúrò rẹ̀ mẹ́ta wá sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́bọ̀ tí wọ́n bá na ọmọ rẹ̀ tán. Ọ̀gá ní òun kò ní bá ẹnikẹ́ni ná ọmọ fún un. Ìwé ìyà jíjẹ wà lára àwọn ìwé tí ìlànà ní kí ilé-ìwé ní, orúkọ ọmọ, ohun tó ṣe, ìyà tó jẹ àti ẹni tó fi jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Olùkọ́ tó bá fìyà jẹ ọmọ láìkọ ọ́ síbẹ̀ yóò ṣàlàyé fún òun, òbí tó bá sì ní ẹ̀sùn, kó wá sí ọ́fíìsì òun, kó má lọ bá olùkọ́ ní kíláàsì. Ó yàtọ̀ sí kó ní òun kì í nà wọ́n tàbí òun ń nà wọ́n. Ẹni tí yóò dáhùn ló fi hàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ híjáàbù yọjú, ó sì kúrò nílẹ̀ kíákíá. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ti dájọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, lórí àwọn ilé-ìwé ìjọba Èkó, pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti wọ̀ ọ́. Ó ní ohun tí ìjọba bá kọ ránṣẹ́ ni òun yóò tẹ̀ lé, òun kò ní ṣe àfikún, òun kò sì ní yọ kúrò.

Ó wá kan owó. Kò fà á gùn. "N kò ní owó kankan tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín lónìí," ó wí, ó sì tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ẹ̀kọ́ gbogbogbò ti ọdún 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré nílé-ìwé ìjọba. Lọ́dún 2019, ìjọba tó gorí àlééfà ní Ọ̀yọ́ sì fagi lé náírà 3,000 tí akẹ́kọ̀ọ́ girama ń san tẹ́lẹ̀. Òbí mọ èyí, wọ́n sì tún mọ̀ pé ọmọ ṣì máa ń wálé pẹ̀lú "wọ́n ní ká mú owó wá". Ọ̀gá náà mọ̀ ọ́n. Ó ní: "Owó ẹgbẹ́ òbí, ẹ̀yin lẹ ó dá a lábàá níhìn-ín, ẹnì kan á tì í lẹ́yìn, akọ̀wé á kọ ọ́, a ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ká tó gbà á. Owó yòówù tí a bá gbà tí ẹ kò gba rìsíìtì rẹ̀, kì í ṣe owó ilé-ìwé. Bí ọmọ bá ní olùkọ́ kan ní kó mú owó wá, ẹ pè mí." Àwọn olùkọ́ tó jókòó lápá òsì wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá gboyà wí báyìí níwájú wọn ti mọ̀ pé ìpàdé olùkọ́ ọjọ́ kejì kò ní dùn.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n fi ń retí rẹ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ẹlòmíràn ti ń ṣèlérí tí kò lágbára àtimúṣẹ. Pirinsípà ilé-ìwé ìjọba kì í gba olùkọ́ síṣẹ́, kì í sì í lé e. Àjọ tó ń rí sí olùkọ́ girama nípìnlẹ̀ náà ló ń pín wọn. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni lẹ́tà, àti bó ṣe pín àwọn tó wà nílẹ̀. Ó ní òun ti kọ lẹ́tà, ó dárúkọ ọjọ́ tó kọ ọ́. Títí tí èsì yóò fi dé, olùkọ́ físíìsì yóò gba kíláàsì àwọn onídánwò, àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ yóò sì pàdánù ìgbà méjì lọ́sẹ̀. Ìkùnsínú wà. Bàbá kan ní ṣé ọmọ òun tó wà ní kíláàsì ìsàlẹ̀ kì í ṣe èèyàn ni? Ó ní, "Èèyàn ni, sà. Ìdánwò tirẹ̀ ṣì jìnnà ni." Ìdáhùn náà kò dùn mọ́ bàbá yìí nínú, kò sì yẹ kó dùn mọ́ ọn.

Ó fi ọ̀rọ̀ àga parí rẹ̀. Ó ní kó tó di sáà kejì, àga 30 tó ṣeé tún ṣe yóò ti kúrò ní yàrá ìkẹ́rù. Ó béèrè bóyá káfíńtà wà láàárín àwọn òbí. Ọkùnrin méjì dìde. Ó gba orúkọ wọn, ó dúpẹ́, ó jókòó. Kò bá àwọn tó wá jà nítorí àwọn tí kò wá, bí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti máa ń ṣe, tí wọ́n á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bú ẹni tó jókòó síwájú wọn nítorí ẹni tó wà nílé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e kò kàn án rárá. Obìnrin kan fẹ́ mọ ibi tí owó òrùlé ọdún tó kọjá kù sí. Alága wo ọ̀gá, bí ẹni tó fẹ́ kó gbà á sílẹ̀. Ọ̀gá ní ìwé báńkì wà lọ́wọ́ akápò, òun ti rí i, ṣùgbọ́n akápò ni yóò kà á, nítorí owó àwọn òbí ni. Akápò dìde, ó ní òun kò mú un wá. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ìpàdé ti tú ká, ó wọ ọ́fíìsì, ó ṣí lọ́ọ̀gì-búùkù, ó kọ déètì, iye òbí tó wá àti àwọn ohun mẹ́ta tó ṣèlérí: ìpè fóònù lẹ́yìn òdo ọjọ́ mẹ́ta, àga 30, wíwọ kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìwé ìpàdé náà yóò jáde lóṣù kìn-ín-ní, nígbà tí akọ̀wé bá kà á sókè tí alága sì béèrè ohun tó kù nílẹ̀ látinú rẹ̀. Bàbá ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ nawọ́. Àga mélòó ló ti kúrò ní yàrá ìkẹ́rù? Bó bá jẹ́ 22, 22 ni kó sọ, kó sì sọ ohun tó dá mẹ́jọ yòókù dúró.